Màmá mi ní kí n fi ìtàn náà ṣe fíìmù, àmọ́ àwọn nìkan kọ́ ni wọ́n ni ín

Àbíkẹ́yìn_Kámẹ́rà

Ẹ kú ìjókòó o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara balẹ̀ ka èyí, ó gùn díẹ̀.

Mo fẹ́ ṣe fíìmù kékeré kan, sìkíríìpù ẹ̀ jẹ́ ojú ìwé 12, ìyẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 12. Ìtàn tòótọ́ ni, inú ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n tó bí mi, àbúrò màmá mi obìnrin lóyún nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 17, ọkùnrin tó fún wọn lóyún sì sá lọ. Màmá mi ti wà nílé ọkọ fún ọdún mẹ́fà nígbà yẹn, wọn ò tíì rọ́mọ bí. Àwọn méjèèjì wá fẹnu kò pé màmá mi ló máa gba ọmọ náà bí ẹni pé àwọn ni wọ́n bí i. Àǹtí mi lọ fara pamọ́ síbi tó jìn, màmá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí aláboyún. Láti bí oṣù kẹrin ni wọ́n ti ń ká tówẹ̀lì sábẹ́ aṣọ, ó yá ó di ìrọ̀rí kékeré, nígbà tó fi máa di oṣù keje wọ́n tú ìrọ̀rí yẹn, wọ́n da iyanrìn sí i, wọ́n sì fọwọ́ rán an pa, torí wọ́n ní ìrọ̀rí yẹn fúyẹ́ jù, àwọn ń rìn bí ẹni tí ò gbé nǹkan kan. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀yìn dun àwọn lóòótọ́. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, wọ́n dìde wọ́n rìn ín hàn mí nínú yàrá, wọ́n fọwọ́ ti ìbàdí, ẹsẹ̀ ń ya sí ẹ̀gbẹ́ kan, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti rí fíìmù mi.

Ọmọ yẹn ni bùrọ̀dá mi. Wọ́n ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó mọ̀, ìyàwó wọn ò mọ̀ títí di òní. Àǹtí mi náà ti lọ́kọ, wọ́n ti bímọ, kò sí ẹnì kankan tó mọ̀ nínú ilé wọn. Bàbá mi mọ̀ àmọ́ wọ́n ti kú. Ọkùnrin tó sá lọ yẹn ṣì wà láyé, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa lẹ́nu iṣẹ́ tó ń ṣe.

Màmá mi ti fún mi láṣẹ, mo gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù fún wákàtí mẹ́rin, wọ́n tún fún mi ní lẹ́tà kan tí àǹtí mi kọ sí wọn nígbà yẹn, mo fẹ́ kí òṣèré kà á bí fíìmù bá ń lọ. Mo ti yí gbogbo orúkọ padà. Mo sì ń rò ó pé kí n ṣe é bí ẹni pé ọkùnrin yẹn fipá bá àǹtí mi lò pọ̀ ni, torí òǹwòran á bèèrè pé kí ló dé tí wọn ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè mi ni pé ṣé àṣẹ màmá mi tó? Àti pé mélòó ni mo gbọ́dọ̀ yí padà kí n tó lè sùn?

Ọ̀rọ̀_Kúkúrú

Má da ara ẹ láàmú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ní olówó, ẹnikẹ́ni ló lè sọ ọ́. O ti yí orúkọ padà, wá kọ ọ́ sí ìparí fíìmù pé ìtàn àròsọ ni àti pé bó bá jọ ti ẹnikẹ́ni ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, ó parí. Bàbá ẹ tó ti kú ò sì lè pe ẹjọ́. Bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán jàre.

Àlàyé_Mi

Ẹ jọ̀ọ́ ìwé tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe fíìmù, ẹ gbọ́dọ̀ lọ bá ẹni tó kọ ọ́ tàbí ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ kí ẹ ra ẹ̀tọ́ ẹ̀ kí ẹ tó kọ ìlà kan. Wọ́n máa ń fún èèyàn ní àkókò kan tí ò ní sí ẹlòmíì tó lè fi ìwé yẹn ṣe nǹkan kan, bí àkókò yẹn bá kọjá ẹ máa ní láti tún un san. Ẹ má jẹ́ kí màmá yín nìkan buwọ́ lù ú.

Àbíkẹ́yìn_Kámẹ́rà

@Àlàyé_Mi ẹ ṣé sà, àmọ́ kì í ṣe ìwé o, kò sí ibi tí wọ́n ti tẹ ìtàn yìí rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ni.

Olóòtú_Àgbà

Ọ̀rọ̀ tí @Àlàyé_Mi sọ ò bá ìbéèrè mu àmọ́ ó kan nǹkan kan tí ìwọ fúnra ẹ ti gbójú fò, lẹ́tà yẹn. Bébà ẹ̀ jẹ́ ti màmá ẹ torí àwọn ni wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́. Bó ṣe rí nínú òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé níbi púpọ̀ láyé nìyẹn. Màmá ẹ lè fi lẹ́tà náà hàn ẹ́, wọ́n lè fún ẹ kó o tọ́jú ẹ̀, wọn ò lè fún ẹ láṣẹ kí òṣèré kà á síta. Àǹtí ẹ nìkan ló lè ṣe ìyẹn. Bí àǹtí bá kọ̀, o lè kọ lẹ́tà tuntun láti orí ara ẹ, tí ò gba gbólóhùn kan nínú ti àkọ́kọ́.

Mo ti lé lọ́dún ogún lẹ́nu iṣẹ́ èdíìtì, mo ti rí oríṣiríṣi, torí náà ẹ jẹ́ kí n fèsì fún @Ọ̀rọ̀_Kúkúrú náà torí ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ̀ jóòótọ́, ìdajì tó kù ló ń kó àwọn ọmọ wa sí wàhálà. Òótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ni ohun tó ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni pé níbi púpọ̀, ẹni tó ti kú ò lè pe ẹjọ́ pé wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́. Àmọ́ yíyí orúkọ padà ò fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 1932, MGM, ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ṣe fíìmù kan nípa Rasputin, ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan tó sún mọ́ ìdílé ọba wọn. Ọmọ ọba tó pa Rasputin nínú fíìmù yẹn, orúkọ àròsọ ni wọ́n fún un, Natasha sì ni wọ́n pe obìnrin ẹ̀, wọ́n wá fi kún un látinú orí wọn pé Rasputin bá obìnrin yẹn sùn. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Yusupov wà lára àwọn tó pa Rasputin lóòótọ́, torí náà Irina tó jẹ́ aya Yusupov gbé MGM lọ sílé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ obìnrin yìí ò sí nínú fíìmù o. Lọ́dún 1934 ó jàre, £25,000 ni wọ́n ní kí wọ́n san fún un. Àtìgbà yẹn ni àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ti wá sọ ọ́ di àṣà láti máa kọ àkọlé pé ìtàn yìí ò bá ẹnikẹ́ni mu, kálukú sì ń rò pé àkọlé yẹn ló ń gbani. Kì í gbani bí àwọn tó mọ̀ ẹ́ bá ti lè na ìka sí ẹ̀dá ìtàn pé lágbájá nìyí.

Wo ohun tí MGM ṣe dáadáa. Wọ́n fi gbogbo ohun tí wọ́n lè fi dá obìnrin yẹn mọ̀ sílẹ̀, wọ́n wá fi irọ́ tó burú lé e lórí. Ohun tí ìwọ náà fẹ́ ṣe fún ọkùnrin tó sá lọ yẹn gan-an nìyẹn. Ó sá lọ, òótọ́ ni, kò dáa. Àmọ́ kò fipá bá ẹnikẹ́ni lò pọ̀, ó wà láyé, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Bó bá rí fíìmù yẹn tàbí tí ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ rí i, wàhálà tìẹ nìkan kọ́, òun ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn náà síta, á dárúkọ àǹtí ẹ láti fi gba ara ẹ̀ sílẹ̀. Ìyípadà tó ń mú kí wọ́n má lè dá èèyàn mọ̀ dáa. Ìyípadà tó ń mú èèyàn burú ju bó ṣe rí lọ, tí wọ́n sì ṣì lè dá a mọ̀, ìyẹn ni kó o sá fún.

Ọ̀rọ̀_Kúkúrú

Mo gbọ́ ti ọkùnrin yẹn, mo gbà. Àmọ́ mi ò rò pé fíìmù oníṣẹ́jú 12 ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa dé iwájú adájọ́ kankan, kò sẹ́ni tó ráyè ìyẹn.

Dárẹ́kítọ̀_Kékeré

@Ọ̀rọ̀_Kúkúrú ilé ẹjọ́ kọ́ ló bà mí jẹ́ ní tèmi.

Mo ṣe fíìmù lórí bí bàbá wa ṣe máa ń mu ọtí nígbà tí a wà ní kékeré. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo ní mo fẹ́ ṣe fíìmù nípa bàbá, wọ́n ní kò sí wàhálà, máa ṣe é. Mo ka ìyẹn sí àṣẹ. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e síta mo pè wọ́n, wọ́n jókòó sílà kejì. Ibi tí bàbá ti ń fọ́ nǹkan, wọ́n ń wò ó, wọn ò mira. Ó wá kan ìran kan tí ọmọkùnrin ń rẹ́rìn-ín bí bàbá ṣe ṣubú. Ọmọkùnrin yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n dìde, wọ́n jáde, wọn ò padà wọlé mọ́. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ kí wọ́n tó bá mi sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sì sọ ni pé, mi ò rẹ́rìn-ín rí, èmi ni mo máa ń gbé e dìde. Èmi ni mo fi ẹ̀rín yẹn sí i, ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo ń kọ ọ́. Mi ò rántí pé wọ́n máa ń gbé bàbá dìde, ó sì dà bíi pé àwọn nìkan ni wọ́n rántí.

Mo ti yọ ìran yẹn kúrò báyìí, àmọ́ àwọn tó ti wò ó ti wò ó.

Olóòtú_Àgbà

Mo kí ẹ fún ọ̀rọ̀ yìí @Dárẹ́kítọ̀_Kékeré. Ẹ̀gbọ́n ẹ fọwọ́ sí "fíìmù nípa bàbá", wọn ò fọwọ́ sí fíìmù nípa àwọn. Bí àṣẹ ṣe máa ń já nìyẹn, o bèèrè nǹkan kékeré, o wá mú nǹkan ńlá.

@Àbíkẹ́yìn_Kámẹ́rà ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá wá bá mi ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó o gba àṣẹ. Àkọ́kọ́, kó o tó kọ ọ́, sọ fún ẹni yẹn pé fíìmù lo fẹ́ ṣe, ohun tó o fẹ́ mú nínú ìtàn, ibi tó o fẹ́ gbé e lọ, torí ẹni tó rò pé ìdílé nìkan ló máa wò ó lè gbà, kó má gbà bó bá gbọ́ pé ó máa dé orí ayélujára tí ẹnikẹ́ni lè rí i. Ìkejì, nígbà tí sìkíríìpù bá délẹ̀, jẹ́ kí wọ́n kà á, bí wọn ò bá fẹ́ kàwé, jókòó tì wọ́n kó o kà á sí wọn létí, gbogbo ẹ̀, títí kan ìlà tó ń bà ẹ́ lẹ́rù. Ìkẹta, nígbà tó o bá ti gé fíìmù náà pọ̀ àmọ́ tó ṣì ṣeé tún ṣe, kí ẹnì kankan níta tó rí i. Ìgbà kẹta yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, ó sì ṣe pàtàkì torí ojú òṣèré máa ń sọ ohun tí sìkíríìpù ò sọ. Ẹ̀rín ọmọ yẹn, bóyá nínú sìkíríìpù gbólóhùn kan péré ni.

Kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú ìwé kan tó. Kọ pé ìtàn wo, pé o lè yí nǹkan padà tàbí fi nǹkan kún un, irú èyí tí o ò ní fi kún un, pé o ò ní lo orúkọ tàbí fọ́tò tàbí ohùn wọn láìtún bèèrè, ibi tí fíìmù ń lọ, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣì lè ní kó o dáwọ́ dúró. Ọjọ́ yẹn gbọ́dọ̀ wà. Èmi máa ń fi í sí ìgbà tí wọ́n bá wo ẹ̀dà kẹta yẹn tán, lẹ́yìn ìyẹn iṣẹ́ ti parí, owó àwọn ẹlòmíì ti wọ̀ ọ́. Fọ́ọ̀mù tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò máa ń sọ pé ẹni tó buwọ́ lù ú ò lè gba àṣẹ ẹ̀ padà láéláé àti pé olùṣe fíìmù lè ṣe é bó bá ṣe wù ú. Má gbé irú ẹ̀ fún àǹtí ẹ. Wọ́n á buwọ́ lù ú torí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn lo jẹ́, ìyẹn ò sọ ọ́ di àṣẹ. Bí wọ́n bá ní lọ́yà tàbí ẹnì kan tí wọ́n gbára lé tó lè bá wọn kà á, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ohùn wákàtí mẹ́rin yẹn náà, màmá ẹ gbà láti bá ẹ sọ̀rọ̀, wọn ò tíì gbà kí ohùn wọn jáde. Bi wọ́n lọ́tọ̀.

Ìyá_Òǹkọ̀wé

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ Olóòtú dáa gan-an, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbèjà màmá yìí díẹ̀. Ikùn ta ni ìrọ̀rí yẹn wà? Ẹ̀yìn ta ló dùn? Bí a bá ní gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹni tó bẹ̀rù jù lọ nínú ilé ló máa máa pinnu ohun tí àwọn yòókù lè sọ nípa ayé ara wọn. Obìnrin yìí ti pa á mọ́ra fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti dàgbà, ó fẹ́ sọ ọ́ kó tó kú. Èmi ò gbà pé àǹtí lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé rárá.

Ohun tí màá sọ ni pé kí ọmọ yìí gé fíìmù náà kù. Ìṣẹ́jú 12 ò lè gbé màmá, àǹtí, ọkọ, ọkùnrin tó sá lọ àti ọmọ tó dàgbà. Jẹ́ kó jẹ́ obìnrin kan, yàrá kan, oṣù márùn-ún, ìrọ̀rí kan. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tówẹ̀lì, parí pẹ̀lú bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí. Àbúrò ẹ̀ lè máà ju ohùn kan lọ lórí fóònù. Ọkùnrin yẹn, yọ ọ́ kúrò pátápátá, bí kò bá sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bèèrè pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ojú obìnrin tó ń rán iyanrìn sínú ìrọ̀rí lóru ti dáhùn. Tọ́ọ̀ṣì kékeré tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń gbọ́ bóyá ẹnì kan ń bọ̀, iyanrìn ń dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ látibi tí kò tíì rán pa, ó ń fọwọ́ gbá a jọ. Kí lẹ tún ń wá?

Àbíkẹ́yìn_Kámẹ́rà

Ẹ̀yin mà, mo ka ìyẹn mo dìde lórí àga.

Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí, ṣebí ìrọ̀rí oníyanrìn yẹn ni nǹkan tí wọ́n máa fi dá wa mọ̀ kíákíá jù? Mo ti ń rò ó pé kí n yọ ọ́, kí n fi nǹkan míì sí i.

Olóòtú_Àgbà

Rárá, má yọ ọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe rèé. Bi ara ẹ pé ta ló mọ̀ nípa ìrọ̀rí yẹn. Màmá ẹ, àǹtí ẹ bóyá, bàbá ẹ tó ti lọ, ìwọ. Kò sí aládùúgbò tó mọ̀, kò sí ẹbí ọkọ àǹtí tó mọ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni níta ò mọ̀, kò lè fi dá yín mọ̀. Àwọn nǹkan tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni wọ́n á fi dá yín mọ̀, pé màmá ẹ pẹ́ kó tó rọ́mọ bí, pé ọdún mẹ́fà ni, pé ọmọ àkọ́kọ́ jẹ́ ọkùnrin, pé àbúrò wọn kúrò nílé fún oṣù díẹ̀ láàárín ọdún báyìí, iṣẹ́ tí bàbá ẹ ń ṣe, irú ilé tí ẹ gbé. Àṣírí lo lè fi sílẹ̀, ohun tó wà lójú táyé lo gbọ́dọ̀ yí padà. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe òdìkejì ẹ̀, wọ́n á pa ohun tó dùn jù nínú ìtàn, wọ́n á fi iye ọdún àti iṣẹ́ bàbá sílẹ̀.

Mú ìwé kan. Kọ gbogbo ohun tí aládùúgbò tàbí ìyàwó bùrọ̀dá ẹ lè mọ̀ nípa ìdílé yín láìsọ àṣírí sí i, má fi nǹkan kan pa mọ́. Tó o bá kọ ọ́ tán wàá rí bíi ohun mẹ́wàá. Wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sìkíríìpù. Èyí tó bá wà nínú méjèèjì, yí i padà, bí kò bá ti ba fíìmù jẹ́. Ọmọ lè di obìnrin. Ọdún mẹ́fà lè máà ní iye kankan. Ọkọ lè jẹ́ ẹni tó ń rìnrìn àjò tí kò sí nílé, ìyẹn á tiẹ̀ jẹ́ kí obìnrin náà wà lóun nìkan pẹ̀lú irọ́ náà. Àbúrò lè ju ọmọ ọdún 17 lọ. Àmọ́ má yí i padà pé kì í ṣe àbúrò ẹ̀, tó o bá sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ tàbí ọmọ ọ̀dọ̀, ìtàn náà á di ti ẹni tó lówó tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí ò lówó, ìyẹn ìtàn míì ni, ó sì máa jẹ́ irọ́ nípa màmá ẹ.

Lẹ́yìn ẹ̀, fún ẹni tí kò mọ̀ yín rí ní ìwé yẹn àti sìkíríìpù, bi í bóyá ìdílé kan náà ni. Má fún ẹni tó mọ̀ yín, bó bá dá yín mọ̀ àṣírí ti tú nìyẹn.

Dárẹ́kítọ̀_Kékeré

Olóòtú, mo ní ìbéèrè kan. Orúkọ òun fúnra ẹ̀ máa wà lórí fíìmù náà ńkọ́? Àwọn tó mọ orúkọ ìdílé wọn á rí "ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó darí ẹ̀" níbi tí wọ́n bá ti ń wò ó. Tí wọ́n bá sì bi í lórí ìtàgé pé níbo lo ti rí ìtàn yìí, tó ní màmá mi ni, gbogbo ohun tó ti yí padà di asán. Wọ́n bi èmi náà bẹ́ẹ̀, mo sì dáhùn, inú mi dùn pé wọ́n bèèrè.

Olóòtú_Àgbà

Òótọ́ lo sọ, mi ò ní ìdáhùn tó pé sí i. O lè pinnu kó o má kọ "ìtàn tòótọ́" sórí ẹ̀, kó o sì ti mọ ohun tó o máa dáhùn kí wọ́n tó bi ẹ́, bíi pé àwọn obìnrin tí mo mọ̀ ló mú mi ronú sí i. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Àmọ́ orúkọ ẹ wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rò ó á rò ó. Bí iye tí bùrọ̀dá ẹ àti àǹtí ẹ lè pàdánù bá pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè fara mọ́ lọ, àwọn míì máa ń lo orúkọ míì. Àwọn míì máa ń dúró.

Àlàyé_Mi

Ẹ dárí jì mí tẹ́lẹ̀, mi ò kà á dáadáa. Mo ní ìbéèrè kan. Ṣé ìwọ fúnra ẹ ò ti tú àṣírí náà síbí báyìí? Gbogbo wa la ti mọ̀ ọ́n.

Àbíkẹ́yìn_Kámẹ́rà

Mo ti yí nǹkan márùn-ún padà kí n tó gbé e síbí sà. Mi ò ní sọ èwo ni.

Ìyá_Òǹkọ̀wé

O ti mọ ohun tó o máa ṣe sí sìkíríìpù nìyẹn. Bó o ṣe ṣe é níbí láìrò ó, lọ ṣe é bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ mi ò tíì yí ọkàn padà lórí ọ̀rọ̀ pé àǹtí lè sọ pé rárá. Olóòtú, ẹ ò fèsì fún mi.

Olóòtú_Àgbà

Mo fèsì nínú ọkàn mi, ó le fún mi láti kọ ọ́ ni. Ẹ wò ó, ìrọ̀rí yẹn jẹ́ ti màmá, mo gbà pẹ̀lú yín. Màmá lè sọ ọ́ fún ẹni tó bá wù wọ́n. Àmọ́ ọmọ tó wà lápá kejì irọ́ yẹn, àǹtí ló bí i, kò sí bí a ṣe máa sọ ti màmá tí a ò ní kan tiwọn. Ní ti òfin, bí wọn ò bá lè dá a mọ̀ tí kò sì sí ọ̀rọ̀ lẹ́tà ẹ̀ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má sí ohun tó lè ṣe. Ní ti ilé, mi ò mọ ẹni tó lè dá ẹjọ́ náà. Èmi ò ní yàwòrán láìjẹ́ pé àǹtí gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ yìí fúnra ẹ̀, kódà bó bá máa bínú.

Ìyàwó bùrọ̀dá àti ọkọ àǹtí, má lọ bá wọn o. Gbígba àṣẹ lọ́wọ́ wọn ni títú àṣírí fún wọn. Àwọn méjì tó mọ̀ ni kó o lọ bá, àwọn ló máa pinnu ẹni tí àwọn máa sọ fún.

Àbíkẹ́yìn_Kámẹ́rà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Mo tún sìkíríìpù kọ, ó ti di ojú ìwé mẹ́sàn-án. Ọkùnrin yẹn ti kúrò. Bàbá ti di ẹni tí kò sí nílé. Mo kọ ìwé ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ó jẹ́ mẹ́rìnlá, méje nínú ẹ̀ wà nínú sìkíríìpù àtijọ́, ó yà mí lẹ́nu gan-an torí mo rò pé mo ti yí i padà dáadáa.

Mo lọ bá àǹtí mi. Mo sọ ọ́ ní ìta, lábẹ́ igi, torí mi ò fẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ṣé màmá ẹ sọ ti iyanrìn fún ẹ, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ nípa iyanrìn yẹn títí di ọjọ́ tí wọ́n wá gba ọmọ, pé màmá mi bọ́ ọ sílẹ̀ nínú yàrá yẹn ó dún gbà, àwọn rò pé nǹkan wó. Mo kà á sí wọn létí, gbogbo ẹ̀. Níbi tí àbúrò ti ń sunkún lórí fóònù bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé ọmọ lọ, wọ́n ní kí n dá a dúró. Wọ́n ní àwọn ò sunkún. Wọ́n ní àwọn sùn ni. Wọ́n sùn wákàtí mẹ́rìnlá gbáko, nígbà tí wọ́n jí, ọmọ ti lọ. Ìyẹn nìkan ni wọ́n ní kí n tún ṣe. Lẹ́tà yẹn, wọ́n ní rárá, kí n dá a padà fún àwọn, mo sì ti dá a padà.

Wọn ò tíì buwọ́ lu ìwé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí bùrọ̀dá mi kọ́kọ́ gbọ́. Mo ti ka sìkíríìpù náà sínú fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí bùrọ̀dá mi lọ́jọ́ Sátidé. Fóònù fi hàn mí pé wọ́n ti gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mejì, wọn ò tíì fèsì. Mo ti sún ọjọ́ ìyàwòrán síwájú, mo sì ti sọ fún oníkámẹ́rà pé mi ò tíì lè dá ọjọ́ míì.